Àpilẹ̀kọ jọ́nà tó le, sẹ́mínà tó ti dé tán: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí sẹ́mínà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Adó-Èkìtì níbí, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àwùjọ àti àwọn nọ́ọ̀sì tó padà wá kàwé máa ń kó wá bá mi: báwo ni wọ́n ṣe máa sọ àpilẹ̀kọ gígùn di ojú ewé kan tó ní èròǹgbà, ọ̀nà ìwádìí, àbájáde àti ibi tí iṣẹ́ náà kù sí? Kí ọ̀rọ̀ má baà di àgbọ́ìgbọ́tán, àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ni mo fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Òun ni èyí tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill kọ sínú jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1950, lórí sìgá mímu àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ló dé tó jẹ́ pé àpilẹ̀kọ àtijọ́ ni ẹ mú?

Ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìṣirò inú rẹ̀ kò sì ju ohun tí ẹni tó yege ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lè tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìdí tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí: gbogbo wa la ti mọ̀ pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ kí a tó ṣí i. Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ kì í ka ohun tó wà nínú ìwé mọ́, ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀ ló ń kà. Ibẹ̀ gan-an ni àkékúrú ti máa ń bàjẹ́.

Ojú ewé mẹ́wàá ni, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ìtàn. Ẹ kọ́kọ́ wá gbólóhùn tí àwọn tó kọ ọ́ ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ló sábà máa ń wà, tàbí níbi tí ọ̀rọ̀ ìwádìí gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, kí ẹ ka ibẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ wo àwọn àtẹ onínọ́ńbà kí ẹ tó ka àlàyé tí wọ́n ṣe lórí wọn, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí àtẹ kọ̀ọ̀kan wí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá wo bóyá ohun tí ẹ sọ bá tiwọn mu. Ìjíròrò ẹ̀yìn àti ìsọnísókí ló kẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fi ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àwọn ojú ewé tó ní àtẹ nìkan sórí bébà. Àtẹ tí a ń fi ìka fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lójú fóònù, orí rẹ̀ kì í pẹ́ dàrú mọ́ ẹni lójú. Ẹ̀dà ojú ewé mẹ́rin kò tó ohun tí ẹ ń fún ọlọ́kadà láti Ìwòrókò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èròǹgbà wọn? Ṣebí wọ́n fẹ́ fi hàn pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ni.

Rárá o. Ohun tó gbé wọn dìde ni pé ikú látọwọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélíìsì ti fò láti 612 lọ́dún 1922 dé 9,287 lọ́dún 1947. Àlàyé méjì pàtàkì ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan ní èérí inú afẹ́fẹ́ ni: èéfín ọkọ̀, eruku ojú títì tí wọ́n da ọ̀dà sí, èéfín ilé-iṣẹ́. Àwọn mìíràn ní tábà ni. Ohun tí Doll àti Hill sọ pé àwọn fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yàtọ̀ gedegbe sí àwọn ẹlòmíràn nínú àṣà sìgá mímu, tàbí nínú ohun mìíràn tó lè jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn.

Ẹ wò ó pé ìlẹ̀kùn méjì ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ìdí ẹ̀bi sìgá múlẹ̀, ẹ ti sọ wọ́n di agbẹjọ́rò tó ti mọ ẹni tí òun ń gbè lẹ́yìn. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ èròǹgbà wò rọrùn: ǹjẹ́ ìwádìí náà lè já sí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ sì ṣì jẹ́ òótọ́? Tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àbájáde ni ẹ kọ sí ipò èròǹgbà.

Ọ̀nà ìwádìí gùn jù. Kí ni kí n mú, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ẹ mú ohun tó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ta ni wọ́n yàn, kí ni wọ́n sì fi yàn án? Ta ni wọ́n fi í wé? Báwo ni wọ́n ṣe wọn ohun tí wọ́n ń wọ̀n?

Nínú iṣẹ́ yìí, ilé ìwòsàn ogún ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ta wọ́n lólobó bí aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ti inú tàbí ti ìfun ńlá bá wọlé. Òṣìṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn aláìsàn lẹ́nu wò á lọ bá ẹni náà pẹ̀lú ìwé ìbéèrè kan náà fún gbogbo ènìyàn. Fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, òṣìṣẹ́ náà á tún wá ẹnì kan tí kò ní jẹjẹrẹ nínú ilé ìwòsàn kan náà, ní nǹkan bí àkókò kan náà, tó jẹ́ ọkùnrin bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọkùnrin, tí ọjọ́ orí wọn sì wà nínú ọdún márùn-ún kan náà. Bí wọ́n ṣe rí 709 ní apá kìíní àti 709 ní apá kejì nìyẹn: ọkùnrin 649 àti obìnrin 60 níhà méjèèjì. Amusìgá lójú wọn ni ẹnikẹ́ni tó ti mu ó kéré tán sìgá kan lójúmọ́ fún odindi ọdún kan rí.

Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ amusìgá yẹn, ẹ má fò ó. Ẹni tó fi sílẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mu méjì níbi ìgbéyàwó kò sí níbẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, orí gbólóhùn kan yẹn ni wọ́n dúró lé.

Ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀ ni orúkọ àwọn ilé ìwòsàn, bí wọ́n ṣe tẹ ìwé ìbéèrè, àti àwọn ìdánwò ìṣirò tí ẹ kò ní lò nínú ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tí àwọn ènìyàn ti jábọ́ lójú ọ̀nà, nítorí pé yóò wúlò fún yín níwájú. Aláìsàn 2,370 ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa wọn, pẹ̀lú onírúurú jẹjẹrẹ tí mo dárúkọ. Wọ́n yọ 150 tó ti pé ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti 80 tí àyẹ̀wò ti fi hàn, kí òṣìṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, pé àìsàn wọn kì í ṣe ohun tí a pè é. Ó ku 2,140. Nínú wọn, 408 ni wọn kò rí bá sọ̀rọ̀: àwọn kan ti lọ sílé, àìsàn ti wọ àwọn kan lára jù, àwọn kan ti kú.

Nínú àbájáde, mo kọ ọ́ pé "99.7 nínú ọgọ́rùn-ún amusìgá ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró." Olùkọ́ fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀. Kí ló dé?

Nítorí pé ẹ yí nọ́ńbà náà dorí kodò. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mò ń rí, èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó gbọ́n pàápàá máa ń ṣe é, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, méjì péré ni kì í ṣe amusìgá. 647 tó kù jẹ́ amusìgá, ìyẹn 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ọkùnrin 649 tí wọ́n fi wé wọn, 27 ni kì í ṣe amusìgá, 622 jẹ́ amusìgá, ìyẹn 95.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó túmọ̀ sí pé 99.7 jẹ́ ìdá àwọn amusìgá láàárín àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ. Kì í ṣe ìdá àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ láàárín àwọn amusìgá. Ọ̀rọ̀ méjì tó jìnnà síra ni.

Ẹ lè sọ pé, ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò èkejì fúnra wa. Amusìgá inú ìwádìí náà jẹ́ 647 pẹ̀lú 622, ìyẹn 1,269. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ nínú wọn jẹ́ 647, bí ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé a wá lè ní ìdajì amusìgá ló ń ní jẹjẹrẹ? Ẹ fojú inú wò ó ná pé ẹni méjì méjì ni wọ́n fi wé aláìsàn kọ̀ọ̀kan dípò ẹnì kan, tí àṣà sìgá wọn sì rí bákan náà. Amusìgá tí kò ní jẹjẹrẹ á di 1,244, ìdá 51 yẹn á sì já wálẹ̀ sí 34. Ara ẹnikẹ́ni kò yá sí i, sìgá kò sì yí padà. Iye ènìyàn tí àwọn olùwádìí yàn láti fi ṣe àfiwé ló yí padà. Nọ́ńbà tí ọwọ́ olùwádìí lè gbé sókè gbé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ewu fún wa.

Ohun tí kò yí padà nínú méjèèjì ni ìfiwéra. Ẹ fi 647 sọ 27 di púpọ̀, ẹ fi 622 sọ 2 di púpọ̀, kí ẹ wá fi èkejì pín èkínní: nǹkan bí 14. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 1,244 àti 54 fún ẹni méjì méjì, 14 náà ni yóò fún yín. Ìdí nìyí tí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń ṣàìsàn fi máa ń sọ ìfiwéra, tí kì í sì í fúnra rẹ̀ sọ iye ẹni tí yóò ṣàìsàn nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rí pé ẹ ti yí i dorí kodò kò ṣòro rí: bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àbájáde pẹ̀lú "nínú àwọn amusìgá" nígbà tí ọ̀nà ìwádìí yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n yan àwọn tó ní jẹjẹrẹ", ẹ padà sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n yàn ló yẹ kó ṣáájú gbólóhùn.

99.7 àti 95.8 kò ha sún mọ́ra jù? Ibo ni ìyàtọ̀ náà wà?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹnì kan béèrè rẹ̀ ní sẹ́mínà. Lásìkò yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọkùnrin ló ń mu sìgá, torí náà "ó ń mu" tàbí "kò mu" kò fi nǹkan púpọ̀ hàn. Iye tí wọ́n ń mu ló sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá 25 sókè lójúmọ́ kí àìsàn tó dé, 168 ló ní jẹjẹrẹ, 84 ló wà níhà àfiwé: ìlọ́po méjì géérégé. Nínú àwọn tó ń mu ẹyọ kan sí mẹ́rin, ó yí padà: 33 ní jẹjẹrẹ, 55 wà níhà àfiwé. Àgbékà yìí ló yẹ kó gba ìlà tó pọ̀ jù nínú àbájáde yín. Ti àwọn obìnrin, ìlà kan tó: 41 nínú 60 jẹ́ amusìgá, 28 nínú 60 níhà kejì.

Mo rí ohun kan tó ta ko ìyókù. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fífa èéfín sínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ ń sọ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Èèyàn á rò pé àwọn tó ní jẹjẹrẹ ló máa ń fà á wọlé jù. Àwọn amusìgá tó ní jẹjẹrẹ tó ní àwọn ń fà á wọlé jẹ́ 61.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ìhà àfiwé sì jẹ́ 67.2. Àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ kò fi pamọ́, kí ló máa wá mú kí tiyín fi pamọ́?

Ibi tí iṣẹ́ kù sí ńkọ́? Mo máa ń kọ "iye ènìyàn kéré" àti "ìlú kan ṣoṣo ni".

Kéré fún kí ni? Ọkùnrin 649 tó dáadáa fún ìfiwéra tí a ṣe lókè. Àwọn obìnrin 60 ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn, kí ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìlà kan nípa àìpé iṣẹ́ tó lè wúlò, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, àbájáde tó lè bà jẹ́, ìhà tó lè tì í sí, àti bóyá àwọn olùwádìí ti gbìyànjú láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bi àwọn aláìsàn léèrè. Wọ́n sábà máa ń mọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n lè tẹ ẹni bẹ́ẹ̀ nínú jù lórí sìgá, aláìsàn náà sì lè máa ronú sẹ́yìn pé kí lòun ṣe tí èyí fi bá òun. Ìyẹn lè mú kí ìyàtọ̀ tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró síbẹ̀ yẹn, wọ́n á sì fi ohun tó dùn jù nínú àpilẹ̀kọ náà sílẹ̀. Àwọn aláìsàn kan wà tí a kọ́kọ́ pè ní oníjẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí a bi léèrè bẹ́ẹ̀, kó tó di pé àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe òun. Tó bá jẹ́ èrò ọkàn òṣìṣẹ́ tàbí ti aláìsàn ló ń gbé nọ́ńbà sókè, tiwọn náà ìbá ga. Àmọ́ àṣà sìgá tiwọn jọ ti ìhà àfiwé. Ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn máa ń wú mi lórí dòní. Wọ́n tún padà bi àádọ́ta ènìyàn níhà àfiwé léèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn ṣì ṣe é gbára lé.

Àìpé kejì kò sí nínú àpilẹ̀kọ náà, àwa ló mọ̀ ọ́n lónìí: àwọn tó wà níhà àfiwé náà dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, sìgá sì wà lára ohun tó ń fa àwọn àìsàn ọkàn àti èémí tó lè gbé ènìyàn débẹ̀. Bí amusìgá bá pọ̀ níhà àfiwé nítorí èyí, ìyàtọ̀ á kéré ju òtítọ́ lọ. Ìhà kejì nìyẹn sí ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ pé èrò tiyín ni, kí ẹnikẹ́ni má rò pé Doll àti Hill ló sọ ọ́.

Àwọn 408 tí wọn kò rí bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀kẹta. Ìlà kan tó.

Ṣé mo lè kọ ọ́ pé wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀?

Ẹ lo agbára ọ̀rọ̀ ìṣe tí àwọn fúnra wọn lò. Wọ́n ní sìgá mímu jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń dá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀, pé ó sì jẹ́ pàtàkì. Wọ́n tún ní ewu náà "lè" tó ìlọ́po 50 fún àwọn tó ń mu sìgá 25 sókè lójúmọ́, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí kì í mu. Tí ẹ bá yọ "lè" yẹn kúrò, ẹ ti parọ́ mọ́ wọn. Àbá ni ìlọ́po 50, wọ́n fi ìṣirò nípa àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù gbé e jáde, ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 647 àti 622 tí wọ́n kà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ẹ fi ọ̀kan hàn wá bó ṣe yẹ kó rí.

*Èròǹgbà:* láti mọ̀ bóyá àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yàtọ̀ sí àwọn aláìsàn mìíràn nínú àṣà sìgá mímu, tàbí nínú ohun mìíràn tó lè jẹ mọ́ èérí afẹ́fẹ́.

*Ọ̀nà ìwádìí:* wọ́n yan aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró 709 ní ilé ìwòsàn ogún ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi 709 tí kò ní jẹjẹrẹ wé wọn, ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin, ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, nínú ilé ìwòsàn kan náà. Wọ́n fi ẹnu bi wọ́n léèrè. Amusìgá ni ẹni tó ti mu ó kéré tán ẹyọ kan lójúmọ́ fún ọdún kan rí.

*Àbájáde:* nínú àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ, 2 nínú 649 ni kì í ṣe amusìgá. Níhà àfiwé, 27 nínú 649. Ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i bí iye sìgá ti ń pọ̀: fún 25 sókè lójúmọ́, 168 sí 84. Fífa èéfín wọlé kò tẹ̀ lé ìlànà yìí.

*Ibi tí iṣẹ́ kù sí:* àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ sábà máa ń mọ àìsàn ẹni, èyí tó lè fẹ ìyàtọ̀ náà. Àwọn tí àyẹ̀wò wọn padà yí fi hàn pé ìyẹn nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn obìnrin kò pọ̀. Èrò tèmi: ìhà àfiwé inú ilé ìwòsàn lè dín ìyàtọ̀ náà kù.

Ṣé n kò lè kúkú da ìsọnísókí àwọn tó kọ ọ́ kọ?

Ẹ lè ṣe é, olùkọ́ yín náà sì ti kà á. Àwọn tí àyẹ̀wò wọn yí padà kì í sí nínú irú ìsọnísókí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè wo ni kí n gbé wá fún ìjíròrò?

Ẹ mú ọ̀nà ìwádìí náà wá sílé. Ká ní ilé ìwòsàn kan ní Adó ni a ti fẹ́ ṣe irú rẹ̀, lórí èéfín igi ìdáná àti àìsàn èémí àwọn obìnrin. Aláìsàn tó ń ti Ọ̀tùn tàbí Ọmùò wá, ta ni a ó fi wé e? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń gbé àárín Adó tó ń fi gáàsì dáná la fi wé e, ṣé èéfín là ń wọ̀n ni àbí abúlé àti ìgboro? Báwo ni a ṣe máa túmọ̀ ẹni tó ń fi igi dáná, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin kan náà ń lo gáàsì nígbà tówó bá wà, kó tó padà sídìí ààrò lọ́jọ́ tí gáàsì bá tán? Àwọn tí owó tán lọ́wọ́ wọn tí wọ́n gba ilé lọ kí a tó dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn ńkọ́, ìhà wo ni àìsí wọn yóò ti nọ́ńbà wa sí?